Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tí kò dunni: bó bá dá, kò túmọ̀ sí pé ó ti lọ

Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mo ń ṣe ní ìlú kan ní Yàgbà, láàárín àwa Okun ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹni tí ìtọ̀ ń ta, tí ìdí rẹ̀ ń gbóná bó bá ń tọ̀, kì í pẹ́ kó tó wá, nítorí ìrora kò ní jẹ́ kó sùn. Ẹni tí àyà mi máa ń já fún ni ẹni tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, tí nǹkan kan kò dùn ún, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì dá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á lọ sóko, á lọ sọ́jà, á lọ sí ìpàdé ẹbí, ọ̀rọ̀ náà á sì kúrò lọ́kàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀.

Àtọ̀sí ajá wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti gbàgbé lọ́dọ̀ wa. Kò sí ẹni tó dàgbà nítòsí odò tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọkùnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀, pàápàá ní ìparí ìtọ̀, àwọn àgbà á sì ní ara ọmọ ló ń gbó, yóò lọ. Kòkòrò ló ń fà á. Àwọn ìgbín kéékèèké inú omi tí kì í ṣàn dáadáa ni ọmọ kòkòrò náà ti ń jáde, á sì gba awọ ara ẹni tó bá wọ inú omi wọlé. Bó bá dàgbà nínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká, á máa yé ẹyin. Ẹyin náà ní ẹ̀gún ṣóńṣó ní ìdí, tí a máa ń rí kedere nínú maikirosíkóòpù, bó sì ṣe ń gba ara àpò ìtọ̀ kọjá ni ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìtọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, mo máa ń ní kí wọ́n gbà á láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, kí ó sì jẹ́ èyí tó kẹ́yìn nínú ìtọ̀ náà, nítorí ìgbà yẹn ni ẹyin máa ń pọ̀ jù. Pírásíkúántẹ́ẹ̀lì ni oògùn rẹ̀. Mílígíráàmù 40 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọn kílò 60 á lo kóró mẹ́rin onímílígíráàmù 600 lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Èyí tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ọmọdé. Bàbá ẹni ọdún 61 ni, tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà nítorí pé ilé tí kò kọ́ ọmọ ibẹ̀ ní ìwé kò pọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń dáko kajú àti gbáàgúdá. Ó mu sìgá fún ọdún púpọ̀ nígbà tó wà ní géńdé, kó tó jáwọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í jẹ alàgbà nínú ìjọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ fáyé gbọ́, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, ó rí i pé ìtọ̀ òun pupa. Wọ́n ti fi sóbò ṣe àlejò níbi ìsọmọlórúkọ tó lọ lánàá ọjọ́ náà, ó sì gbà pé sóbò ni. Lọ́jọ́ kejì kò mu sóbò, ìtọ̀ náà sì tún pupa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó lọ bá oní-kẹ́míìsì. Ìyẹn bi í bóyá ó ń dùn ún, ó ní rárá. Oní-kẹ́míìsì fún un ní abẹ́rẹ́ kan, ó sì fún un ní kápúsù ọjọ́ márùn-ún, ó ní kòkòrò ló wọ ojú ara rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìtọ̀ ti mọ́ gaara. Tíṣà di iṣu mẹ́ta, ó gbé e lọ fi dúpẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, nínú ọyẹ́, ó tún rí i. Lọ́tẹ̀ yìí ìyàwó rẹ̀ ló mọ ẹni tó ń ta àgbo. Ó mu àgbo náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀jẹ̀ náà sì dá lọ́jọ́ kejì. Ó tún dúpẹ́, ó tiẹ̀ júwe alágbo náà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èmi ò fẹ́ bú alágbo, n ò sì fẹ́ bú oní-kẹ́míìsì. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ èèyàn lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá ló máa ń gba ọpẹ́. Ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́, ì báà jẹ́ àgbo, ì báà jẹ́ omi àdúrà, ẹ̀jẹ̀ náà ì bá ti dá láìsí èyíkéyìí nínú wọn, torí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọpẹ́ tí a ń dá yìí ló ń gba oṣù mẹ́rin, oṣù mẹ́fà, ọdún kan lọ́wọ́ aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń dá. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, kókó kan ló ń hù lára awọ inú àpò ìtọ̀. Nígbà tí irú èyí tó wọ́pọ̀ jù bá ṣì kéré, ó máa ń rí bí ewédò tó rọ̀ mọ́ òkúta: wẹ́wẹ́, rírọ̀, tó ń mì síbí mì sọ́hùn-ún nínú ìtọ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wà nínú ẹ̀ka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì lágbára. Bí àpò ìtọ̀ bá kún, á fẹ̀. Bí a bá tọ̀, á sún pọ̀. Nínú fífẹ̀ àti sísúnpọ̀ yìí ni ọ̀kan nínú àwọn iṣan náà á já, tí ẹ̀jẹ̀ á dà sínú ìtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á sì dì lójú ibi tó já, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dì lójú ọgbẹ́ ìka. Ojú ibẹ̀ á dí, ìtọ̀ á mọ́, kókó á sì máa hù lọ. Ìgbà tí òmíràn á já, ẹnikẹ́ni ò lè sọ. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè lé ní oṣù mẹ́fà.

Àìdunni rẹ̀ náà ní ìdí. Òkúta kíndìnrín máa ń dunni nígbà tó bá há sí ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Kòkòrò inú ìtọ̀ máa ń dunni nítorí pé ó sọ gbogbo inú àpò ìtọ̀ di egbò. Kókó tó wà lójú awọ lásán kò dí ọ̀nà, kò sì fa nǹkan kan. Ìgbà tó bá ti wọ inú ẹran àpò ìtọ̀, tàbí tó dí ojú ọ̀nà, tàbí tó tàn dé egungun, ni ìrora sábà máa ń dé. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ òun ṣùgbọ́n kò dun òun, ìyẹn kì í fi mí lọ́kàn balẹ̀ rárá. Òun gan-an ló ń jẹ́ kí n dìde lórí àga.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀kẹta Tíṣà dé, kò wá bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń bá ìtọ̀ jáde, títí ó fi dí ọ̀nà pátápátá láàárín òru. Wọ́n gbé e dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Abẹ́ ìdodo rẹ̀ ti wú, ó le, òógùn bò ó, kò lè jókòó, kò lè dúró. Dókítà ki rọ́bà ńlá kan wọ ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, irú èyí tó ní ẹnu mẹ́ta: ọ̀kan fún bàlúùnù tó ń dì í mú nínú, ọ̀kan tí omi iyọ̀ ń gbà wọlé, ọ̀kan tí ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Kí wọ́n tó so omi náà mọ́ ọn, wọ́n kọ́kọ́ fi sírínjì ńlá fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde. Mo rí i nínú abọ́: dúdú, ó ń yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, àwọn kan gùn tó ìka. Ìgbà tí wọ́n fà á tán ni Tíṣà tó mí kanlẹ̀, tó sì kí wa: "Okun o."

Wọ́n gbé ìtọ̀ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá bá mi. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ti wálẹ̀ sí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó yẹ kí ti ọkùnrin tí ara rẹ̀ le wà ní nǹkan bí 40. Nínú ìtọ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa bo gbogbo ojú maikirosíkóòpù. Mo wá ẹyin kòkòrò títí, n kò rí ọ̀kan.

Àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá kò gbà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Àtọ̀sí ajá ni. Àwa méjèèjì la jọ ń lúwẹ̀ẹ́ lódò Kámpé nígbà tí a wà lọ́mọdé." Mo ní, "Bọ̀dá, ká tiẹ̀ ní mo rí ẹyin, n kò ní sọ pé kí ẹ máa lọ sílé." Ìdí ni pé àtọ̀sí ajá tí kò gba ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń sọ awọ inú àpò ìtọ̀ di ọgbẹ́ tí kì í jinná, tí àpá á máa hù lórí àpá, tí ibẹ̀ á sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Láti 1994 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti ka kòkòrò náà mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Fún ọmọdé, rírí ẹyin lè tó láti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Fún àgbàlagbà, bí mo bá rí ẹyin, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣì wo inú àpò ìtọ̀. Bí n kò bá rí i, wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó náà. Ẹni tó wá mu sìgá lórí èyí, ewu tirẹ̀ tún ga, torí pé ìdọ̀tí èéfín sìgá tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ, inú àpò ìtọ̀ ló sì ń dúró sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí a ó fi tọ̀.

Wọ́n ṣe síkáànù fún un lọ́dọ̀ wa. Kí síkáànù tó lè rí inú àpò ìtọ̀, ìtọ̀ gbọ́dọ̀ kún inú rẹ̀, nítorí náà wọ́n dí ẹnu rọ́bà náà fún ìgbà díẹ̀. Nǹkan kan hàn lápá òsì, ó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà mẹ́rin. Ẹni tó ń ṣe síkáànù ní kí Tíṣà yí ẹ̀gbẹ́ padà. Mo fẹ́ràn bó ṣe ṣe é: ẹ̀jẹ̀ dídì á yí tẹ̀ lé ara sí ibi tó rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá hù lára ògiri àpò ìtọ̀ kò ní kúrò níbi tó wà. Èyí tí a ń wò kò mì.

Ó di Ìlọrin. Wọ́n gba Ẹ̀gbẹ̀, Èrúkù, Òmù-Àrán lọ, pẹ̀lú ọ̀rá ìtọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá nínú mọ́tò. Ohun tí wọ́n ń wá lọ ni ẹ̀rọ tín-ín-rín tó ní kámẹ́rà lórí, tí dókítà onímọ̀ ìtọ̀ ń kì bọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ láti fi ojú ara rẹ̀ wo inú àpò ìtọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù rẹ̀, àwọn ọkùnrin jù lọ. Wọ́n máa ń fi oògùn tó ń pa ibẹ̀ kú, tàbí kí wọ́n fún èèyàn ní oògùn orun. Bí kókó bá wà, wọ́n á gba ọ̀nà yìí kan náà gé e láìla ikùn, wọ́n á sì gbé èyí tí wọ́n gé fún ẹni tó ń yẹ ẹran ara wò. Ohun tí ìyẹn ń wá jù ni bóyá kókó náà ti wọ inú ẹran àpò ìtọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Bí kò bá tíì wọ̀ ọ́, gígé náà, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n lè máa dà sínú àpò ìtọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, sábà máa ń jẹ́ kí èèyàn pa àpò ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. Bó bá ti wọ̀ ọ́, gígé lásán kò tó mọ́.

Ti Tíṣà ti wọ̀ ọ́. Wọ́n yọ àpò ìtọ̀ rẹ̀ pátápátá, wọ́n fi gígùn díẹ̀ nínú ìfun rẹ̀ ṣe ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà yọ síta lára ikùn, sínú ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ awọ. Ó wà láàyè, ó ń lọ sóko kajú rẹ̀. Àmọ́ láàárín sóbò àti òru tí ìtọ̀ dí, ohun tó lé ní oṣù mẹ́jọ ló kọjá. Ọ̀rọ̀ àwọn oṣù yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà ní ọjà Ìsánlú ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ohun tí oṣù lè ṣe. Ìyá náà ti lé ní ọdún 55, nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Ó rí pupa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì rò pé nǹkan oṣù ló padà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ní kó tọ̀ sínú ike funfun, tó fi fóònù ya á. (Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ ojú ara ni ẹ̀jẹ̀ náà ti wá, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá pátápátá gbọ́dọ̀ lọ fi han dókítà.) Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Mo ki páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń yẹ ìtọ̀ wò bọ inú rẹ̀, kò yí àwọ̀ padà. Mo wò ó nínú maikirosíkóòpù, ó mọ́. Ìyá ní, "Ọmọ mi, o ò rí i? Kò sí nǹkan kan." Ó ti ń wá gèlè rẹ̀ wé.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó." Mo wo fọ́tò náà. Ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ èsì ni pé aláìsàn fi ojú ara rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò, àti pé ìtọ̀ tó mọ́ lónìí kò pa èyí tó rí rẹ́. Síkáànù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan. Síkáànù lè má rí kókó kékeré tàbí èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà dókítà wa kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ó kọ̀wé kí wọ́n lọ fi kámẹ́rà wò ó. Wọ́n bá kókó kan níbẹ̀ tí kò tó sẹ̀ntímítà kan. Wọ́n gé e, kò tíì kọjá awọ òkè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n tún fi kámẹ́rà wò ó, wọ́n á sì máa wò ó lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, torí irú kókó yìí fẹ́ràn kó máa padà wá. Ìyá ń lọ, ó ń ráhùn owó mọ́tò, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ àwọn tó bá wá pé kí wọ́n ya ìtọ̀ náà ní fọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i, nínú ike tó mọ́ kedere, níta, lójú ìmọ́lẹ̀. Mo tún máa ń bi wọ́n bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ̀ ló pupa, tàbí ìparí, tàbí gbogbo rẹ̀, torí èyí tó pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí sábà máa ń wá láti inú àpò ìtọ̀ tàbí kíndìnrín. Ẹni tó bá ní oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn ni òun ń lò, mo máa ń sọ fún un pé kó má dá a dúró fúnra rẹ̀, kó sì má fi ṣe àwáwí: oògùn náà lè mú kí kókó tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tètè ṣẹ̀jẹ̀, á tipa bẹ́ẹ̀ tú àṣírí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó tọ ẹ̀jẹ̀ ló ní jẹjẹrẹ. Nínú àgbàlagbà mẹ́wàá tó fi ojú rí ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì. Ti àwọn ìyókù lè jẹ́ ẹṣẹ́ tó wà nídìí àpò ìtọ̀ ọkùnrin tó ti tóbi, òkúta, kòkòrò, àrùn kíndìnrín, kódà ẹni tó jẹ́ AS lè tọ ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora. Kò sí bí ojú lásán ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ ti ẹni.

Àbúrò Tíṣà, ẹni tó bá mi jiyàn lórí àtọ̀sí ajá, rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tirẹ̀ náà ní Kàbà lẹ́yìn náà. Kò dùn ún, ó sì dá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú fọ́tò nínú fóònù rẹ̀. Síkáànù rí òkúta nínú kíndìnrín rẹ̀ ọ̀tún, tí kò tíì kúrò níbi tó wà. Ẹbí ti fẹ́ máa yọ̀. Òun ló dá wọn lóhùn pé òkúta kò ní kí kókó má wà níbòmíràn, pé òun náà mu sìgá, òun sì lúwẹ̀ẹ́ nínú odò kan náà. Ó ti gba ọjọ́ tí wọ́n á fi kámẹ́rà wò ó ní Ìlọrin, Tíṣà ló sì máa bá a lọ.